Sàlámà Tí A Kò Gbọ́ Ìdáhùn Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Àlàáfíà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Rẹ̀ tó rẹwà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti tú ọ̀rẹ́ ká, ó ti sọ ọmọ ìyá méjì di àjèjì sí ara wọn, ó sì ti mú kí ẹlòmíràn fi mọ́sálásí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa rin ìrìn ìṣẹ́jú ogún lọ sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a kí tí kò dá wa lóhùn ni. Kí ni ó yẹ kí á kà sí i? Kí sì ni ó yẹ kí á ṣe, tí inú kò fi ní bí wa?

Gbogbo wa la mọ òfin ibẹ̀. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Súrà Nísáí, áyà 86, pé bí ẹnikẹ́ni bá kí wa, kí á fi èyí tó dára ju ti ẹni náà lọ dá a lóhùn, tàbí kí á dá irú rẹ̀ padà fún un. Láti inú áyà yìí ni àwọn onímọ̀ ti sọ pé súnnà ni kí ènìyàn kọ́kọ́ sálámà, ṣùgbọ́n dandan ni kí ẹni tí a sálámà sí dáhùn. Bí a bá sì jẹ́ ọ̀pọ̀ níbi ìjókòó kan, tí ẹnì kan nínú wa bá ti dáhùn, ọrùn àwọn yòókù ti bọ́.

Àwa Yorùbá tún fi tiwa kún un. Lọ́dọ̀ wa, ìkíni ni a fi ń mọ ọmọlúàbí. A ní ìkíni fún òwúrọ̀ àti alẹ́, fún ìjókòó àti ìnáwó, fún òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí a bá kí tí kò dáhùn, èrò tó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ó ń bá wa jà, tàbí pé ó fojú tín-ín-rín wa. Nítorí náà ni ìbínú wa fi ń yá kánkán. A mọ̀ pé òfin dè é pé kó dáhùn, a sì mọ̀ pé àṣà dè é. Bí kò bá wá dáhùn, ó dà bíi pé ó ti jẹ wá ní gbèsè lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun kan dáadáa. Ohun tí a mọ̀ ní tòótọ́ nígbà náà ni pé a kí ènìyàn, etí wa kò sì gbọ́ ìdáhùn. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa. Pé ó gbọ́ wa, pé ó mọ̀ pé àwa ni, pé ó lè dáhùn tí ó sì kọ̀, pé ó kọ̀ nítorí pé kò kà wá sí, gbogbo ìyẹn ni àwa fúnra wa fi kún un. Ìdákẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Àwa ni à ń bá a sọ̀rọ̀, tí a sì ń wí pé òun ló sọ ọ́.

Ìtàn kan wà tí Imáámù Àhámádù ọmọ Hànbálì gbà wá sínú Músínádì rẹ̀, tí ó yẹ kí á fara balẹ̀ gbọ́. Sáàdù ọmọ Àbí Wàkásì, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró Àlùjánńà, kọjá lẹ́bàá Ùsúmáánù ọmọ Àfáánù nínú mọ́sálásí, ó sì sálámà sí i. Ùsúmáánù wò ó. Kì í ṣe pé ó ṣẹ́jú wò ó o, ojú kún ojú ni Sáàdù pè é. Síbẹ̀, kò dáhùn. Bó bá jẹ́ àwa ni, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Ẹni tó wò wá lójú tí kò dáhùn, ṣé ó tún kù ohun tí a ń wádìí?

Sáàdù kò lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti rojọ́, kò sì padà sílé láti dì í sínú. Ó lọ bá Ùmáárù tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, ó sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá nǹkan titun kan ti ṣẹlẹ̀ nínú Ìsìláàmù. Ẹ kíyè sí irú ìbéèrè yìí. Kò kọ́kọ́ wí pé Ùsúmáánù ti di agbéraga. Ohun tó rí kò bá ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu, nítorí náà ó rò pé ó gbọdọ̀ jẹ́ pé nǹkan kan wà tí òun kò tíì gbọ́. Ùmáárù béèrè ohun tó fà á, Sáàdù sì ṣàlàyé. Ùmáárù kò dájọ́ lórí ẹnu ẹnì kan. Ó ránṣẹ́ pe Ùsúmáánù, ó bi í pé kí ló dé tí kò fi dá sàlámà ọmọ ìyá rẹ̀ padà. Ùsúmáánù ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Sáàdù ní ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọ̀kan búra, èkejì náà sì búra.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀ yóò rò pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Nígbà tó yá, Ùsúmáánù rántí. Ó tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ó ní lóòótọ́ ni Sáàdù kọjá, ṣùgbọ́n òun ń ronú nígbà náà lórí ọ̀rọ̀ kan tí òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì, àti pé kò sígbà tí òun bá rántí ọ̀rọ̀ náà tí nǹkan kì í bo ojú òun àti ọkàn òun. Ojú tí Sáàdù rí pé ó kún inú tirẹ̀ kò rí Sáàdù rárá.

Apá tó kù nínú ìtàn náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Sáàdù mọ ọ̀rọ̀ tí Ùsúmáánù ń wá. Ó ṣàlàyé fún un pé lọ́jọ́ náà Ànábì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn nípa àdúà kan, ni ará oko kan bá dé, tó gba ọkàn Ànábì títí tó fi dìde. Sáàdù tẹ̀lé Ànábì lẹ́yìn, nígbà tó sì rí i pé ó fẹ́ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ kí Ànábì lè bojú wẹ̀yìn. Ó béèrè ìyókù ọ̀rọ̀ náà, Ànábì sì sọ fún un pé àdúà Ànábì Yúnúsà ni, èyí tó ṣe nínú ẹja, àti pé kò sí Mùsùlùmí tí yóò fi tọrọ nǹkan tí Ọlọ́hun kò ní dá a lóhùn. Ẹ wá rò ó wò. Ohun tó di Ùsúmáánù lójú tí kò fi rí Sáàdù, ọwọ́ Sáàdù gan-an ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ká ní Sáàdù ti bínú lọ sílé ni, ìdáhùn náà ì bá bá a lọ.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Ùsúmáánù kan náà lẹ́yìn ikú Ànábì, nígbà tí ìbànújẹ́ bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ùmáárù ni ó kọjá tó sálámà tí kò gbọ́ ìdáhùn. Òun náà gbé ẹjọ́ lọ bá Àbúbákárì, àwọn méjèèjì sì jọ wá. Ùsúmáánù ní òun kò mọ̀ pé Ùmáárù kọjá, débi pé yóò kí òun. Àbúbákárì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó sì béèrè ohun tó gbà á lọ́kàn. Ó ní Ànábì kú kí àwọn tó bi í léèrè ọ̀nà ìgbàlà. Àbúbákárì ní òun ti bi í, ó sì sọ ìdáhùn fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan náà, ọkùnrin tí gbogbo wọn mọ̀ sí onítìjú àti oníwà pẹ̀lẹ́.

Ẹnì kan lè wí pé ti àwọn Sàhábà nìyẹn, àwọn tí ọ̀rọ̀ Ànábì ń gbà lọ́kàn, pé ní tiwa, ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ilé náà ń bo ojú. Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ní àárọ̀ yìí lè rìn kọjá iwájú ìyá tó bí i kí ó má mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ọ̀nà mìíràn, nítorí kì í ṣe gbogbo sàlámà tí a kò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ni a kò dáhùn. Ànábì lọ kí Sáàdù mìíràn, ọmọ Ùbádà, nílé rẹ̀. Ó sálámà lẹ́nu ọ̀nà, Sáàdù sì rọra dáhùn nínú ilé tí kò jẹ́ kí ó gbọ́. Ó tún sálámà, Sáàdù tún rọra dáhùn. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Ànábì bá yí padà, ó ń lọ. Ìgbà náà ni Sáàdù sáré bá a, tó sọ fún un pé gbogbo sàlámà rẹ̀ ni òun gbọ́ tí òun sì dáhùn, pé òun ń fẹ́ kí sàlámà rẹ̀ pọ̀ sí i lórí àwọn ni. Ìfẹ́ ni ó fa ìdákẹ́ yẹn. Ànábì tí kò mọ èyí kò bínú, kò kan ilẹ̀kùn gbọ̀ngbọ̀n, ó kàn padà ni. Bí Sáàdù sì ti sáré bá a, ó bá a padà wọlé. Àwọn onímọ̀ ní ohùn ìdáhùn wa gbọdọ̀ dé etí ẹni tó kí wa, nítorí náà kí ẹni tó bá máa ń dáhùn nínú ikùn lásán tún un ṣe.

Ohun kan tún wà nínú ọkàn wa tó ń ṣe alábàápín nínú ìbínú yìí, Jábírù ọmọ Àbúdúláhì ló jẹ́ kí á rí i kedere, Imáámù Bùhárí sì gbà á wá. Ànábì rán an níṣẹ́. Nígbà tó parí iṣẹ́ náà tó padà dé, ó sálámà sí Ànábì, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó ní nǹkan wọ òun lọ́kàn tí Ọlọ́hun nìkan ló mọ bí ó ti tó. Ó wí fún ara rẹ̀ pé bóyá Ànábì ń bínú nítorí pé òun pẹ́. Ó tún sálámà, kò gbọ́ ìdáhùn, ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí sì wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni Ànábì tó dá a lóhùn, tó sì ṣàlàyé pé ìrun ni òun ń kí. Orí nǹkan ìgùn ni ó wà, kò sì kọjú sí Kíbúlà, nítorí náà Jábírù kò lè tètè mọ̀.

Níbo ni Jábírù ti rí ọ̀rọ̀ pípẹ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Inú ara rẹ̀ ló wà. Ó mọ̀ pé òun pẹ́, nítorí náà bí ìdákẹ́ ṣe dé, ohun tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ló fi kún inú rẹ̀. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ẹni tó jẹ gbèsè yóò rò pé nítorí owó ni. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yóò rò pé wọ́n ti sọ fún un. Ẹni tí kò lówó yóò rò pé nítorí òṣì òun ni. Ìdákẹ́ kan náà, ìtumọ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo obìnrin kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà kan ń ta èlùbọ́ ní ìsọ̀ kejì, òun ni ó sì ń kó àjọ wọn jọ. Fún àárọ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin yìí ń kúnlẹ̀ kí i láti ẹ̀gbẹ́, ìyá kò dáhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò tíì san owó àjọ rẹ̀. Ó bá parí èrò sí pé nítorí owó ni, àti pé ìyá yìí ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ọjà. Ní ọjọ́ kẹrin kò kí i mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá wá ń ṣe kàyéfì pé ọmọ tó ń kí òun tẹ́lẹ̀ kò kí òun mọ́. Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì.

Kí ni ì bá ṣe? Ohun mélòó kan ló yẹ kó kíyè sí kó tó gba èrò rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rọ ata ń ké láàárín ìsọ̀ méjèèjì láti àárọ̀. Etí àgbà, bó bá ń lọ, kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ohùn tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ kú mọ́ ọn létí, bí ohùn obìnrin àti ti ọmọdé, nígbà tó ṣì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin tó rinlẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi lè dá alábàárù lóhùn kí ó má dá ọmọ rẹ̀ obìnrin lóhùn, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa wí pé ó ń yan ẹni tó fẹ́ gbọ́. Àìsàn ojú kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ojú wá sí àárín, ẹni tó ní i lè rí owó tó wà níwájú rẹ̀ kí ó má rí ẹni tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà tí a fi ń wádìí kò le. Kí ó yí lọ sí iwájú ìyá, kí ó dúró níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti bá ojú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pè é, kí ìyá gbójú sókè, kí ó tó wá kí i. Fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, àwọn onímọ̀ ní kí á fi ọwọ́ júwe, kí á sì fi ẹnu sọ ọ́. Bí ìdákẹ́ bá ṣì wà, kí ó lọ bá a nígbà tí ọjà bá tú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, láti ìjẹta ni mo ti ń kí yín tí n kò gbọ́ ohùn yín. Ṣé kò sí o?”

“Ìwọ kẹ̀? Nígbà wo? Ọmọ mi, tí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń ké, ariwo rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.”

Gbólóhùn náà ṣe pàtàkì. Ohun tí ọmọ yìí rí ló sọ, ó sì fi ìbéèrè parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ní, “Ìyá, kí ni mo ṣe tí ẹ kì í fi dá mi lóhùn?”, ẹ̀sùn ni ó gbé wá, ìyá yóò sì ní láti gbèjà ara rẹ̀ kó tó rántí ẹ̀rọ ata. Owó àjọ ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Kí ó wá san án, nítorí gbèsè ni, ìyá ì báà dáhùn, ì báà má dáhùn.

Àwọn ibì kan tún wà tí ẹni tí a kí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn nígbà náà. Ẹni tó ń kírun ni, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Ẹni tó ń tọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pẹ́ dé ní Jímọ̀, ẹ gbọ́ èyí: bí Imáámù bá ti wà lórí míńbárì, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Máálíkì tí ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé kò fàyè gba sàlámà tàbí ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ní àkókò yẹn tó kí sàfù kan, tí gbogbo wọn dákẹ́, kò ní ẹjọ́ tí yóò rò.

Ó wá ku ẹnì kan. Ó gbọ́, ó rí wa, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó ń dá ẹlòmíràn lóhùn níwájú wa, a sì ti lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀, ó yí ojú kúrò. A kò ní tan ara wa, irú èyí wà. Ànábì sọ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí kọ ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ kọjá òru mẹ́ta, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà nínú wọn ló dára jù. Ó tún jẹ́ kí á mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, bí ọ̀kan bá sálámà tí èkejì kọ̀, ẹni tó kí ti bọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, ọrùn ẹni tó kọ̀ ló kù sí. Imáámù Máálíkì náà sọ pé sàlámà ń gé yíyan-ara-ẹni-lódì. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ló fi du ara rẹ̀, kì í ṣe tiwa ló jí. Sàlámà tí a ṣe, àdúà ni, kì í ṣe ọjà tí a tà ní àwìn. A tọrọ àlàáfíà fún un, Ọlọ́hun tí a tọrọ lọ́dọ̀ Rẹ̀ sì gbọ́. Kí á máa kí i bí a bá ti pàdé rẹ̀, kí ohùn wa mọ níwọ̀n, kí á má dúró máa retí ẹnu rẹ̀, kí á má sì pariwo rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè gbọ́ pé ó kọ̀.

Àwọn kan máa ń fi ìtàn Káábù ọmọ Máálíkì gbe ara wọn, pé àwọn Sàhábà kò dá a lóhùn fún àádọ́ta òru lẹ́yìn ogun Tàbúkà, nítorí náà àwọn náà lè yan ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n lódì. Wọn kò ka ìtàn náà tán. Àṣẹ Ànábì ni, kì í ṣe ìbínú ẹnikẹ́ni. Káábù gun ògiri ọgbà Àbú Kàtádà, ìbátan rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn jù, ó sálámà sí i, kò dáhùn. Omijé bọ́ lójú Káábù, ó yí padà, ó tún ògiri gùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kan sí Àbú Kàtádà, nítorí ó mọ ohun tó dè é lẹ́nu. Nígbà tí ọba Gásáánì kọ̀wé sí i láàárín ìgbà náà pé kó wá sọ́dọ̀ òun, wọn yóò gbé e níyì, inú iná ni ó ju ìwé náà sí. Lọ́jọ́ tí ìdáríjì dé, ó wọ mọ́sálásí, Ànábì jókòó, àwọn ènìyàn sì yí i ká. Tọ́líà ọmọ Ùbéédúlà dìde láàárín wọn, ó sáré wá pàdé rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bá a yọ̀. Nígbà tí Káábù ń sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ó sọ pé òun kò gbàgbé èyí fún Tọ́líà.